Owó Tí Yàrá Ń San, Owó Tí Ọkọ̀ Ń Jẹ

Ní Àgbówó, lódìkejì géètì Yunifásítì Ìbàdàn, ilé oníyàrá mẹ́rìndínlógún lè ní bíìlì ilẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tó ń pín bíìlì yóò fi há ara géètì, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Bàbá onílé kì í gbé ibẹ̀. Ayálégbé tó kọ́kọ́ rí i yóò rò pé ti onílé ni, onílé yóò ní àwọn tó ń da ilẹ̀ ni kó san án, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní yàrá ìkẹyìn kò sì tilẹ̀ gbọ́ pé bíìlì wọlé. Nígbà tí oṣù bá parí, akólẹ̀ yóò kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ilé náà jẹ gbèsè, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnì kan nínú ilé tó mọ̀ pé òun jẹ ẹnikẹ́ni lówó. Ẹ rékọjá sí Bódìjà tó wà nítòsí, ilé kan, ìdílé kan, bíìlì kan ni; ẹni tí bíìlì ń bá wí mọ ara rẹ̀. Ó pẹ́ tí àwa tí iṣẹ́ ilẹ̀ kíkó ti di oúnjẹ òòjọ́ wa ti ń sọ láàárín ara wa pé ará Àgbówó kì í sanwó, pé ará Bódìjà ń sanwó, àfi bíi pé ìwà ló yàtọ̀. Èmi kò gbà pé ìwà ni. A gbé owó ilẹ̀ kalẹ̀ lọ́nà tó bá ìgbé ayé ibì kan mu, tí kò bá ti ibì kejì mu, a wá ń bínú sí àwọn tí kò bá mu.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Owó tí ilé ń san àti owó tí ọkọ̀ akólẹ̀ ń gbà jẹ́ owó méjì. Níwọ̀n ìgbà tí a bá ṣì ń kà wọ́n sí ọ̀kan, kò sí iye tí a lè bù fún tálákà tí yóò bá a lára mu tí ọkọ̀ yóò sì tún máa wá.

Láyé àwọn bàbá wa, kò sẹ́ni tó ń san owó ilẹ̀. Bí a bá gbá ilé, tí a gbá ọ̀nà, ààtàn là ń darí rẹ̀ sí, ààtàn sì wà lẹ́yìnkùlé. Ewé, eérú àti èèpo iṣu ló pọ̀ jù nínú ohun tí à ń dà, ilẹ̀ a sì jẹ wọ́n. Nígbà tí ìlú fẹ̀, wolé-wolé dé, ó ń wo ìkòkò omi, ó ń wo ẹ̀yìnkùlé, ẹni tó bá kó ìdọ̀tí jọ a sì fojú ba ilé ẹjọ́. Òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 náà fi ilẹ̀ kíkó sára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Àmọ́ ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá tó wà ní Ìbàdàn kò ní ọkọ̀ tó pọ̀ tó láti máa lọ sí ojúlé kọ̀ọ̀kan, ni iṣẹ́ náà ṣe bọ́ sọ́wọ́ àwọn agbaṣẹ́ṣe: a pín ìlú fún wọn ní agbègbè agbègbè, a ní kí wọ́n máa kó ilẹ̀ ibẹ̀, kí wọ́n sì máa gba owó lọ́wọ́ àwọn onílé fúnra wọn. Àyípadà yìí tóbi ju bí a ti rò lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó ń kó ilẹ̀ ló tún di ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún owó, ó sì di pé ibi tó bá ti rówó nìkan ni yóò ti ráyè kó ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé ara wa sípò agbaṣẹ́ṣe kan tí agbègbè tirẹ̀ jẹ́ Àgbówó nìkan. Ọkọ̀ rẹ̀ ń mu dísù. Ó gbọ́dọ̀ san owó awakọ̀ àti owó àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ mẹ́ta, ó gbọ́dọ̀ ra táyà, nítorí pé inú ààtàn kò yàtọ̀ sí oko ìṣó fún táyà. Àwọn ọ̀nà kan wà tí ọkọ̀ ńlá kò lè wọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa fẹsẹ̀ rìn lọ kó o jáde. Lẹ́yìn náà ni yóò gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ sí ààtàn Lápité, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, yóò tò sórí ìlà, yóò tú u dànù, yóò padà. Bóyá ilé mẹ́wàá ló sanwó, bóyá ilé ọgọ́rùn-ún ni, iye dísù tí yóò jó láti Àgbówó dé Lápité kò yí padà. Nítorí náà, nígbà tí idajì àwọn ilé kò bá san, kò lè fi idajì ọkọ̀ lọ. Ohun tí yóò ṣe ni pé yóò fo ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tó ti sanwó yóò rí i pé ilẹ̀ wọn wà níbẹ̀, kòkòrò ń jáde lára rẹ̀, àwọn náà yóò dáwọ́ owó dúró. Ọlọ́mọlanke yóò dé, yóò gba ìwọ̀nba owó díẹ̀, yóò sì lọ da ilẹ̀ náà sójú àgbàrá ní ọwọ́ alẹ́. Nígbà tó bá fi máa di oṣù mélòó kan, agbaṣẹ́ṣe náà yóò ti máa wá ọ̀nà láti kúrò ní Àgbówó. Ẹnikẹ́ni kò hu ìwà ìkà nínú gbogbo èyí. Bí a ṣe to ètò náà ló bí i.

Ojútùú tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé kí a dín owó kù fún gbogbo ènìyàn, tàbí kí a fi agbára gba èyí tó wà nílẹ̀. N óò fi ìṣirò kan dáhùn. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye owó inú rẹ̀, mo kàn mú èyí tó rọrùn láti ròpọ̀. Ìwé tí Báńkì Àgbáyé ṣe ní ọdún 2018 lórí ìdọ̀tí sọ pé ẹnì kan ní ìhà gúúsù Sàhárà máa ń da nǹkan bí ìlàjì kílò lójúmọ́; 0.46 ni wọ́n kọ. Ìdílé ẹni márùn-ún yóò da nǹkan bí àádọ́rin kílò lóṣù. Bí agbègbè kan bá ní ẹgbẹ̀rún ìdílé, tọ́ọ̀nù 70 nìyẹn. Ká fi tọ́ọ̀nù 10 kún un fún àwọn ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì tó wà lójú títì. Ká ní kíkó tọ́ọ̀nù kan dé ààtàn ń ná wa ní ₦20,000, a nílò ₦1,600,000 lóṣù. Bí a bá pín in lọ́gbọọgba, ìdílé kọ̀ọ̀kan yóò san ₦1,400, àwọn ṣọ́ọ̀bù yóò san ìyókù. Ó dà bí ohun tó tọ́. Ṣùgbọ́n ká ní ẹgbẹ̀ta nínú àwọn ìdílé wọ̀nyí ló wà nínú ilé olójúkojú, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní féèsì-mí-áì-féèsì-yú, tí idajì wọn kò sì rí owó náà san. ₦420,000 ló lọ yẹn, ó ju ìdámẹ́rin gbogbo owó iṣẹ́ náà lọ. Ìdámẹ́rin yìí ni ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù tí ọkọ̀ yóò fò.

Wàyí o, ká tún un pín. Kí yàrá kọ̀ọ̀kan san ₦600: ₦360,000 nìyẹn. Kí fúláàtì ọ̀ọ́dúnrún san ₦1,600: ₦480,000. Kí ọgọ́rùn-ún ilé tó dá dúró nínú ọgbà san ₦3,000: ₦300,000. Ó ku ₦460,000. Bí ṣọ́ọ̀bù ńláńlá, ilé oúnjẹ, ilé epo àti báńkì mẹ́rìndínláàádọ́ta bá wà ní agbègbè kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan san ₦10,000, owó pé. Owó ọkọ̀ kò dín kù pẹ̀lú kọ́bọ̀. Ẹni tó wà nínú yàrá san ohun tí apá rẹ̀ ká, ó sì dájú pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dá gbé kì í da ilẹ̀ tó ti ìdílé ẹni márùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí ìṣirò yìí dúró lé: ó di dandan kí yàrá, ọgbà àti báńkì wà nínú agbègbè kan náà. Bí a bá gé Àgbówó sọ́tọ̀ fún ẹnì kan, tí a gé Bódìjà fún ẹlòmíràn, tí a wá fi ojú títì Dùgbẹ̀, Ríǹgì Róòdù àti Ṣálẹ́ńjì fún ẹni tó mọ ènìyàn ní ìjọba, a ti pa ìṣirò náà kí bíìlì àkọ́kọ́ tó jáde. Ẹni tó gba ojú títì yóò máa jẹ èrè, ẹni tó gba Àgbówó yóò máa jẹ gbèsè. Bí a ṣe gé agbègbè, bí aṣọ tí a gé fún rírán, ṣe pàtàkì ju iye tó wà lórí bíìlì lọ. Lójú tèmi, níbẹ̀ gan-an ni a ti máa ń ṣàṣìṣe.

Onílé Bódìjà lè béèrè pé kí ló dé tí òun yóò fi san owó ilẹ̀ ẹlòmíràn. Ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Ìdáhùn mi kì í ṣe pé kó ṣàánú. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa kún, ó gbé ènìyàn tó lé ní igba lọ, ilé àti mọ́tò kò sì níye. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún dé, ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló kú. Òjò ńlá ló rọ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì, kò sẹ́ni tó lè di ẹ̀bi òjò ru ìdọ̀tí. Kíkọ́lé sójú odò náà wà níbẹ̀. Àmọ́ odò tí ọ̀rá, àkísà àti agolo ti dí lọ́nà kò lè gba omi tó yẹ kó gbà, omi tí kò bá sì rọ́nà lọ kì í béèrè pé ilé ta ni ọ̀rá yìí ti wá kó tó wọ ilé. Báńkì tó wà ní Dùgbẹ̀ wà lójú ọ̀nà omi tó ń ti òkè bọ̀. ₦10,000 tó san ní agbègbè rẹ̀ jẹ́ owó ilẹ̀ tirẹ̀, ó sì tún jẹ́ owó ilẹ̀ tí ìbá bá àgbàrá wá bá a.

Ó wá ku báwo ni a ó ṣe mọ ẹni tó yẹ kó san púpọ̀ àti ẹni tó yẹ kó san díẹ̀. Bí a bá ní ká máa wádìí iye tí kálukú ń gbà lóṣù, a ò ní parí rẹ̀ láyé, irọ́ àti àbẹ̀tẹ́lẹ̀ yóò sì kún inú rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, ilé ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo àpò. Wọ́n pín ilé gbígbé sí ìpele mẹ́fà nípa bí ara ilé ṣe rí, bí ọ̀nà iwájú rẹ̀ ṣe rí àti bí àdúgbò ṣe rí. Òfin wọn gbà kí a dín owó ilẹ̀ kù tó ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún fún ìpele kìíní, ogójì fún ìkejì, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ìkẹta. Ìpele kẹrin ń san iye tó ná wọn gan-an, ìpele karùn-ún àti ìkẹfà pẹ̀lú àwọn ilé iṣẹ́ ń san lé e. A lè ṣe èyí ní Ìbàdàn láìsí wàhálà púpọ̀, nítorí ilé olójúkojú kò ṣeé pa mọ́, ilé ọgbà náà kò ṣeé pa mọ́. Àléébù kan wà nínú rẹ̀ tó ń dùn mí. Ní Bódìjà àtijọ́, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti kọ́ ilé sí ṣáájú òmìnira, àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀ tí ilé wọn tóbi, tí owó ìfẹ̀yìntì wọn kò sì tó ra oògùn. Wíwo ilé yóò pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní olówó. Ó yẹ kí ààyè wà fún un láti bẹ̀bẹ̀ pé kí a gbé òun wá sí ìpele ìsàlẹ̀, kí ẹ̀bẹ̀ náà má sì gba ju ìwé kan lọ. A lè ṣàṣìṣe lórí ogún ilé, kí a tún un ṣe. Ó sàn ju kí a máa ṣàṣìṣe lórí gbogbo àdúgbò.

Àwọn kan tún ní kí kálukú san owó àpò ilẹ̀ tó bá gbé jáde: ẹni tó da púpọ̀ san púpọ̀. Ó dùn létí. Ní Àkúrà, ní àwọn àdúgbò tálákà tí ọkọ̀ kò lè wọ̀, wọ́n gbé àpótí irin ńlá kalẹ̀, ẹni tó bá gbé ilẹ̀ wá a sì sanwó lójú ẹsẹ̀ kó tó dà á. Ohun tó ń tẹ̀lé e kò ṣòro láti rí. Ọmọdé ni wọ́n máa ń rán lọ dalẹ̀. Ọmọ tí kò bá ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, tàbí tó fẹ́ fi owó náà ra nǹkan jẹ, mọ ibi tí gọ́tà wà. Níbi tí gọ́tà bá ti ṣí sílẹ̀, owó orí àpò jẹ́ ìtanràn lórí ẹni tó ń ṣe ohun tó tọ́, ẹni tó da tirẹ̀ sínú gọ́tà kò sì san nǹkan kan. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ owó tí yóò wà lórí yàrá yálà ilẹ̀ jáde tàbí kò jáde. Ẹni tó bá ti sanwó tán kò ní ìdí kankan mọ́ láti fi alẹ́ dalẹ̀ sódò.

Àmọ́ ₦600 náà lè nira bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni à ń béèrè rẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ pé oṣù mẹ́ta ni a kó papọ̀. Obìnrin tó ń ta ẹ̀wà sísè ní ìta Àgbówó kì í gba owó oṣù. Òòjọ́ ni tirẹ̀. Alájọ ti mọ èyí tipẹ́. Ó ń wá lójoojúmọ́, ó ń gba díẹ̀, ó ń sàmì sínú káàdì, owó tí obìnrin náà ìbá sọ pé òun kò ní bó bá kan án lẹ́ẹ̀kan a sì wà níbẹ̀ lópin oṣù. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. ₦150 lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dé gan-an, rọrùn láti gbà ju ₦1,800 ní ìparí oṣù mẹ́ta lọ. Fún ayálégbé tó bá ń san owó ilé lọ́dọọdún, ọ̀nà mìíràn ló dára: kí owó ilẹ̀ wà nínú owó ilé, kí onílé sì jẹ́ ẹni tí à ń bi. Ìgbà yẹn ni bíìlì ara géètì yóò tó ní olúwa. Onílé yóò ní ẹrù ti pọ̀ lórí òun. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òun nìkan ló mọ iye yàrá tó ní ènìyàn nínú. Ní ọdún 2022, nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, irú agbègbè bí Àgbówó, tí yàrá rẹ̀ gbára lé akẹ́kọ̀ọ́, kò ní ẹni tí a lè béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe tó bá gbé gbogbo ìrètí rẹ̀ lé irú ibẹ̀ nìkan kò lè la oṣù mẹ́jọ já. Ìdí mìíràn tún nìyí tí Àgbówó àti Bódìjà fi gbọ́dọ̀ wà nínú àpò kan, tí ilé yóò máa sanwó sí, tí a ó sì máa ti inú rẹ̀ san owó ọkọ̀.

Àtakò tó lágbára jù lọ kò ti ọ̀dọ̀ olówó wá. Láti ọ̀dọ̀ àwọn agbaṣẹ́ṣe ló ti wá, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Wọ́n ní: bí owó bá wọ àpò kan ṣoṣo lábẹ́ ìjọba, tí àwa wá ń dúró de ìgbà tí wọn yóò san án fún wa, ta ni yóò bá wa ra dísù? Ẹ̀rù yìí ní ìdí. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí náírà náà sì tún jábọ́ tẹ̀lé e, owó tí a bù ní January kì í lè ra nǹkan kan náà ní June. Ẹni tí a bá jẹ lówó oṣù mẹ́ta nínú irú àkókò yìí, a ti jẹ ẹ́ ju iye tó wà lórí ìwé lọ. Nítorí náà, àpò náà gbọ́dọ̀ jẹ́ àkáǹtì tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí a kò gbọdọ̀ fi san owó oṣù òṣìṣẹ́ tàbí fi ṣe títì. Sísan owó ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa wáyé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Iye orí tọ́ọ̀nù sì gbọ́dọ̀ máa bá iye dísù rìn, kí àlàyé bó ṣe ń bá a rìn wà nínú àdéhùn, kó má jẹ́ ohun tí wọn yóò máa lọ fi orí balẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún lọ́dọọdún. Bí dísù bá sì wọ́n, orí ojú títì àti ilé ọgbà ni kí àfikún ti bẹ̀rẹ̀, kí ti yàrá kẹ́yìn.

Bákan náà, a kò lè fi ìwọ̀n nìkan san owó. Bó bá jẹ́ tọ́ọ̀nù nìkan la ń kà, iyẹ̀pẹ̀ yóò wọ ọkọ̀, àti pé nígbà òjò, omi inú ìdọ̀tí nìkan yóò sọ owó di púpọ̀. Ó yẹ kí idajì owó wà lórí òṣùwọ̀n tó wà lẹ́nu ọ̀nà ààtàn, kí idajì sì wà lórí òpópónà tí ọkọ̀ wọ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kó wọ̀ ọ́. Àwọn tó ń gbé òpópónà náà ni kó fọwọ́ sí i. Ìyá kan tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà mọ̀ ju ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì lọ bóyá ọkọ̀ wá ní ọjọ́ Tuesday.

A lè fi ìwé méjì mọ bóyá ètò náà ń ṣiṣẹ́, bí a bá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ìwé àwọn tó sanwó, àti ìwé òṣùwọ̀n ààtàn. Bí iye àwọn tó ń sanwó ní Àgbówó bá ń gòkè, tí tọ́ọ̀nù tó ń ti ibẹ̀ dé Lápité kò gòkè, ọkọ̀ ń fo òpópónà, àwọn tó ń sanwó yóò sì dáwọ́ dúró láìpẹ́. Bí tọ́ọ̀nù bá ń gòkè tí owó kò gòkè, ẹnì kan ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn láìkọ rìsíìtì. Bí àwọn méjèèjì bá jọ lọ sílẹ̀, kí a lọ wo ojú àgbàrá lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, kí a sì jáde ní ìrọ̀lẹ́ lọ wo ibi tí èéfín ti ń rú láti ẹ̀yìnkùlé, nítorí ilẹ̀ kò dẹ́kun dídà. Ibòmíràn ló gbà lọ. Àwọn ìwé méjèèjì yìí kò gbọdọ̀ wà ní kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá. Kí a lẹ̀ wọ́n mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn àdúgbò lóṣooṣù, kí ẹni tó san ₦150 lọ́sẹ̀ lè rí tọ́ọ̀nù tí owó rẹ̀ gbé lọ.